Ohun tí owó oṣù iṣẹ́ orí ayélujára kì í sọ fún ará Ìkòròdú

Àbúrò ìyàwó mi kan tó ń gbé ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan tó fẹ́ kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn láti inú yàrá rẹ̀, láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ 280,000 náírà. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, ń san 170,000. Ó mú lẹ́tà náà wá fún mi nítorí pé èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ní, "Bùrọ̀dá mi, ẹ wò ó, ìyàtọ̀ 110,000 ló wà níbẹ̀. Kí ni mo tún ń rò?" Ohun tó yẹ kó rò, àti bí a ṣe jọ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Àwọn iye owó tí mo máa dárúkọ jẹ́ iye tí àwa méjèèjì bá lọ́jà ní oṣù tí a ṣe ìṣirò náà; ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e yóò fi iye àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un ni pé ọ́fíìsì Ìkẹjà náà ń náwó lé e lórí láìjẹ́ kó mọ̀. Wọ́n ń ra dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń san owó íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án, ó lè jókòó kó máa fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò ní dín. Nínú iṣẹ́ tuntun yìí, gbogbo ẹrù náà ti kúrò lọ́rùn agbanisíṣẹ́, ó ti bọ́ sí ọrùn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú lẹ́tà náà tí wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Iná ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló pọ̀ jù. Ó jẹ́ ohun tó ń dun àwa ará Ìkòròdú pé ibùdó Ẹgbin, tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 1,320, wà lẹ́yìnkùlé wa níhà Ìjẹdẹ, síbẹ̀ tí iná ibẹ̀ ń gba orí òrùlé wa kọjá lọ síbòmíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ apínnáká pín àwọn àdúgbò sí ọ̀wọ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó kéré jù tí wọ́n ṣèlérí lójúmọ́: ọ̀wọ́ A ní wákàtí 20, B ní 16, C ní 12, D ní 8, E sì ní 4. Ọ̀wọ́ C ni ilé àbúrò mi wà. Ó ti ṣírò rẹ̀ lórí, ó ní bí wákàtí 12 bá wà nínú 24, ìdajì àkókò iṣẹ́ òun ni òkùnkùn yóò gbà, òun yóò sì fara dà á.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Wákàtí 12 tí wọ́n ṣèlérí kò sọ wákàtí wo. Bí iná bá ń dé ní aago mọ́kànlá òru tó sì ń lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àdúgbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán kò ní rí ìṣẹ́jú kan lò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a ní láti mọ̀ kì í ṣe iye wákàtí iná lójúmọ́, bí kò ṣe iye wákàtí òkùnkùn tó bọ́ sáàárín àkókò iṣẹ́, àti bí òkùnkùn tó gùn jù ṣe gùn tó. Iye kìíní ló ń sọ owó epo. Ìkejì ló ń sọ bí bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

A lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìgbàkígbà tí iná bá dé tàbí tó lọ láàárín aago méjì sí aago mẹ́wàá, ẹni tó bá wà nílé yóò kọ aago náà sílẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi bá wà ní Ìkẹjà, ìyá wọn ló ń kọ ọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, nítorí náà kò sí ìṣẹ́jú kan tó sọnù. Nígbà tí ọjọ́ pé, a yọ òpin ọ̀sẹ̀ kúrò, ó ku ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn wákàtí 80. Iná wà fún wákàtí 31 péré nínú rẹ̀. Òkùnkùn gba 49. Bí a bá sọ ọ́ di oṣù kan tó ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, ìyẹn wákàtí 176, òkùnkùn yóò gba nǹkan bí wákàtí 108. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ní ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá náà, iná kò dé rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin.

Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò, nítorí pé ó ti wà nílé. Èyí tó wà nílé wọn, tó tó kéfíà méjì àbọ̀, ń mu nǹkan bíi lítà 0.7 ní wákàtí kan bí ohun tó gbé kò bá wúwo. Wákàtí 108 yóò mu lítà 76 ó dín díẹ̀. Ní 900 náírà fún lítà kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 68,000 náírà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà, èyí ló fà á tí ìmọ̀ràn àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé ṣáájú ìgbà náà kò fi bá ọjà òní mu mọ́. Ẹ fi pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún un, èyí tó yẹ kó wáyé lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wákàtí, àti owó mẹ̀káníìkì: 10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 78,000 lóṣù kan. A kò tíì sọ ti ariwo, èyí tó jẹ́ ìnáwó gidi fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí pé oníbàárà tó bá gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó fún òṣìṣẹ́ ní máàkì. Ẹni tó bá sì tìtorí ariwo gbé e sún mọ́ inú ilé tàbí tó ti fèrèsé mọ́ èéfín rẹ̀, èéfín náà lè pa á.

Bátìrì àti ínfátà ni ọ̀nà kejì. Kí a tó béèrè iye rẹ̀, a kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò gbé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ń fa nǹkan bíi wáàtì 45, ráútà 10, gílóòbù 10, fáànù 55. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 120, tó túmọ̀ sí wáàtì-wákàtí 960 bí òkùnkùn bá gba gbogbo wákàtí mẹ́jọ. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 12V 200Ah sí lára dà bí ẹni pé ó ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ohun tí a nílò, nítorí pé 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400. Ṣùgbọ́n irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bí a bá ń fà á gbẹ. Ìdajì rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kà sí tiwa, ìyẹn 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ yóò tún jẹ tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe ń yí iná náà padà, ohun tó sì kù jẹ́ 1,020. Ó tó, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó má tó, nígbà tí bátìrì ṣì tuntun pàápàá. Ẹ kíyè sí i pé fáànù nìkan gba fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹrù náà. Bí ó bá lo fáànù kékeré tó ń gba iná sínú ara rẹ̀, bátìrì ńlá náà yóò sinmi gan-an.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta bátìrì kì í sábà sọ fún oníbàárà wọn, òun ni pé bátìrì gbọ́dọ̀ rí iná jẹ kó tó lè fún ni. Kí èyí tí a fà dé ìdajì tó kún padà, ó nílò nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìwé Màmá ràn wá lọ́wọ́ níbí pẹ̀lú, nítorí pé ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé a rán an, pé iná òru máa ń wà láti nǹkan bí aago mọ́kànlá títí di ìdájí. Ní àdúgbò tí iná òru kò sí, bátìrì tí kò ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kò ju ẹrù ìnáwó lásán lọ.

Wọ́n dá 340,000 lé bátìrì, 180,000 lé ínfátà pẹ̀lú owó onímọ̀ iná. Bí a bá pín owó bátìrì sí oṣù 30, tó jẹ́ ọjọ́ orí tó bójú mu fún un nínú ooru wa, ó jẹ́ nǹkan bí 11,300 lóṣù. Ínfátà sí oṣù 60 jẹ́ 3,000. Iná tí yóò fi gba agbára kò ju nǹkan bíi yúníìtì 19 lọ, èyí tí kò tó 1,500 náírà ní iye owó ọ̀wọ́ tirẹ̀. A fi wákàtí 15 jẹnẹrétọ̀ kún un fún ọjọ́ tí bátìrì kò bá rí iná òru jẹ, ìyẹn 9,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25,300 lóṣù, tí kò tó ìdá mẹ́ta owó jẹnẹrétọ̀.

Ta ni kò ní mú bátìrì? Ẹni tí kò ní 520,000 lọ́wọ́ ni. Àbúrò mi lè yá a nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn kó sì san án padà láàárín oṣù mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nígbà náà 52,000 ni yóò máa jáde lóṣù, láìka èlé, kì í ṣe 14,300. Lẹ́tà náà sì sọ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ ní oṣù kẹta, gbèsè oṣù méje ṣì wà nílẹ̀. Èrò tèmi, tí mi ò fi pamọ́ fún un, ni pé kí ènìyàn fara da owó epo nígbà ìdánwò, kó má ra ohun tí iṣẹ́ náà kò tíì fi hàn pé òun yóò san.

Lórí dátà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíka ohùn nìkan. Ìpè ohùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ púpọ̀: bó bá ń lo kílóbíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ àti 100 bọ̀, mẹ́gábáìtì 90 ni fún wákàtí kan, nítorí náà wákàtí mẹ́fà ọ̀rọ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì gígábáìtì lọ. Ohun tó ń jẹ dátà ni ìpàdé orí ayélujára tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn ti tan kámẹ́rà, ètò tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ọ̀gá, àti àwọn àtúnṣe tí Windows ń gbà wọlé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi orí gbé ìyẹn. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ènìyàn wọn ọjọ́ kan. Wọ́n fún àbúrò mi ní ọjọ́ kan láti fi wo bí iṣẹ́ ṣe rí; ó ṣí Settings, ó lọ sí Network & internet, lẹ́yìn náà Advanced network settings, ó wá ṣí Data usage, ó kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2.9. Fún ọjọ́ 22, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 64. A ra 75 sínú ìṣirò náà ní 18,000, a sì fi 4,500 kún un fún síìmù kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye owó ọdún 2024 ṣírò èyí, nítorí pé àjọ NCC fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Síìmù kejì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sábà máa ń pín òpó kan náà lò. Bí iná bá ti pẹ́ tó ti lọ tí epo sì tán lábẹ́ òpó náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjèèjì lè jọ kú pa pọ̀, owó síìmù kejì á sì di òfò. Nítorí náà, ìgbà tí òkùnkùn ti wà fún wákàtí bíi mẹ́rin ni ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe òwúrọ̀ tí gbogbo nǹkan tutù. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe yá tó kọ́ ló ń ba ìpè jẹ́, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tó ń já sọnù lójú ọ̀nà. Lórí Windows, àṣẹ kan ṣoṣo tí a tẹ̀ sínú Command Prompt ló ń fi èyí hàn:

```
ping -n 300 8.8.8.8
```

Yóò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó bá parí, ẹ wo ibi tó kọ Lost àti Average sí. Bí Lost bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, oníbàárà yóò máa sọ pé òun kò gbọ́. Bí Average bá sì ti ń sún mọ́ 300, ẹni méjèèjì yóò máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé tí wọ́n sì wà lórí fóònù, síìmù tí àbúrò mi fẹ́ràn sọ 12 nù nínú 300, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì, tó ń pè ní ti àwọn àgbàlagbà, kò sọ ẹyọ kan nù. Èkejì náà ni a fi ṣe àkọ́kọ́.

Irinṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. A pín iye tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò jẹ bó bá fẹ́ ra òmíràn, 350,000, sí oṣù 36; iyapíìsì tó ń dí ariwo, 24,000, sí oṣù 12; ráútà, 36,000, sí oṣù 24. Ó jẹ́ 13,200 lóṣù. (Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí yín, kò sí ìṣirò kankan láti ṣe mọ́, olè ni wọ́n.)

Nígbà tí a padà sí lẹ́tà náà, tí a sì kà á dé ojú ewé kẹta, ni a rí ohun tó yí ìṣirò padà jù. Nínú 280,000 náà, 30,000 jẹ́ owó ìwàníbẹ̀ déédéé, tí òṣìṣẹ́ yóò pàdánù bó bá kúrò lórí ẹ̀rọ fún ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Wákàtí tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ kò ní owó. Èmi tí mo mọ bí Ìkòròdú ṣe rí kò lè ka 30,000 yẹn sí owó. A fi 250,000 ṣe ìpìlẹ̀, a pín in sí wákàtí 176, ó jẹ́ 1,420 fún wákàtí kan, a sì yọ wákàtí mẹ́fà lóṣù, ìyẹn 8,520, fún ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí jẹnẹrétọ̀ bá já a kulẹ̀.

Ó wá kù ká ro ó pọ̀. Pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, 78,000 ti iná, 22,500 ti dátà, 13,200 ti irinṣẹ́ àti 8,520 ti wákàtí tó sọnù jẹ́ 122,220. Ohun tó kù nínú 250,000 jẹ́ 127,780. Pẹ̀lú bátìrì, ohun tó kù jẹ́ 180,480, ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́wàá tí gbèsè bá wà lọ́rùn, nǹkan bí 142,800 ni yóò rí ná. Iṣẹ́ Ìkẹjà náà kò mọ́ fún ìnáwó: mọ́tò àlọ àti àbọ̀ ń gba 3,000 lójúmọ́, ìyẹn 66,000 lóṣù, ohun tó sì kù nínú 170,000 jẹ́ 104,000. Ó tún ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà Mile 12 lójoojúmọ́, èyí tí mi ò mọ iye tí mo lè dá lé e. Ìyàtọ̀ 110,000 tó gbé wá bá mi ti di 24,000 ní oṣù ìdánwò. Ó ṣì jẹ́ èrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń torí rẹ̀ yá owó ilé tuntun, èyí tó sì ti ń wá kiri.

Kó tó fọwọ́ sí i, ó kọ̀wé sí wọn, ó fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá náà hàn wọ́n, ó sì béèrè bóyá òun lè máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tàbí kí wọ́n máa san owó dátà. Wọ́n ní aago iṣẹ́ kò ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n wọn yóò máa fi 15,000 kún owó rẹ̀ fún dátà lẹ́yìn ìdánwò. Ó gba iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejì, tíráńsífọ́mà àdúgbò wọn jó, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà láìní iná rárá, lítà epo rẹ̀ sì wọ 91 dípò 76. Màmá ti lẹ ìwé tuntun mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, ó sì ti fi rúlà fa ìlà kan sí i fún tíráńsífọ́mà.